Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ Ètò Àtúnṣe fún Òṣìṣẹ́ Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Mẹ́hẹ

Bí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kan bá ń mẹ́hẹ, tí ìkìlọ̀ ẹnu kò sì tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ a máa kọ ètò àtúnṣe fún un. Ìwé kékeré kan ni, ó sì sábà máa ń gba 30 ọjọ́, 60 tàbí 90. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà, ìrànlọ́wọ́ tí ọ̀gá máa ṣe, ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ wò, àti ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé ìwé ìdádúró ni wọ́n kàn fi ewé bò. Nígbà míì, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló máa ń tú u fó.

Ẹ jẹ́ ká wo akọ̀wé kan tó ń kọ ínfọ́ìsì 40 lọ́sẹ̀. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ ni pé “kó túbọ̀ máa fara balẹ̀.” Ta ló fẹ́ wọn ìfarabalẹ̀? Wọ́n bá kó ínfọ́ìsì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 160, wọ́n sì rí i pé àwọn oníbàárà ti dá 36 padà. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye owó àtijọ́ ló wà lórí 14, nítorí pé kò tíì sẹ́ni tó ṣí fáìlì iye owó tuntun fún un lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀bi ọ́fíìsì nìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ètò rẹ̀. 22 tó kù ni tirẹ̀: ó máa ń ṣi iye ẹrù kọ nígbà tó bá ń dà á kọ látinú ìwé tí awakọ̀ mú bọ̀. Irú àṣìṣe yìí kì í ju ẹyọ kan lọ́sẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ń lọ sí márùn-ún, mẹ́fà.

Ìgbà yìí ni góńgó tó ṣeé wọ̀n tó jáde: kí àṣìṣe má ju mẹ́rin lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kó má sì ju méjì lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Wọn ò ní kó má ṣe àṣìṣe rárá, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ń ṣe é.

Àṣìṣe tí wọ́n rí yìí náà ló ń sọ irú ìrànlọ́wọ́ tó yẹ. Fífi í ránṣẹ́ sí kíláàsì kọ̀ǹpútà kò ní wúlò, nígbà tó jẹ́ pé ìwé awakọ̀ ni kò kà dáadáa. Wọ́n yan ẹlẹgbẹ́ kan tó máa jókòó tì í ní wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù sí 30 ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Orúkọ ẹlẹgbẹ́ náà àti ọjọ́ ìjókòó wọn wà nínú ìwé, nítorí pé ìrànlọ́wọ́ tí kò lórúkọ ẹni tó máa ṣe é, ẹnìkan ò ní ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ ni àyẹ̀wò. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n á ka iye àṣìṣe, wọ́n á bi í bóyá ìrànlọ́wọ́ náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Pé ó rí ìwé náà ni ìfọwọ́sí rẹ̀ túmọ̀ sí, kì í ṣe pé ó gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí àyè wà tó ti lè kọ èrò tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àṣìṣe ṣì jẹ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ fi hàn pé ẹlẹgbẹ́ yẹn ti gba ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì jókòó tì í dípò mẹ́fà. Ọ̀gá tó mọ ohun tó ń ṣe ò ní pe èyí ní ìkùnà. Á rí i pé wọ́n jókòó ìgbà mẹ́rin tó kù, á sì sún ìparí ètò sí ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Ibi tí àríyànjiyàn ti sábà máa ń wáyé ni ìparí. Ká ní àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan, lẹ́yìn náà mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Bí ìwé bá ní “kó má ju méjì lọ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan,” ó ti kùnà. Bó bá ní “kó má ju mẹ́fà lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,” ó ti yege. Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti yan ọ̀kan, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa gbè. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá kùnà, yálà kí wọ́n gbé e lọ sí iṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì sọ pé ọ̀gá mìíràn tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà á ka ìwé kí ìpinnu tó jáde. Bó bá yege, wọ́n á fún un ní lẹ́tà pé ètò ti parí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn ò ní lè fi ọ̀rọ̀ náà mú un mọ́.