Orí Wú Kì Í Ṣe Ibà

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, wá bá mi ní ilé ìwòsàn. "Dókítà, ẹ yẹ̀ mí wò, ó jọ pé ibà ń bọ̀." Wọ́n ní níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n àwọn, àwọn akọrin ń kọrin lọ, gbogbo ohùn wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ọmọbìnrin kan ṣoṣo sì gòkè. Òtútù gba ọrùn wọn sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn, irun apá wọn dìde ṣánṣán.

Mo wọn ìgbóná ara wọn, ó jẹ́ 36.7. Mo ní ṣé ó pẹ́ lára wọn? "Rárá o. Kò tó kí n pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó ti lọ."

Òtútù ibà kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀. Ó lè gbọn èèyàn fún ìdajì wákàtí, eyín á máa lu eyín lábẹ́ aṣọ ìbora, ooru gbígbóná á sì tẹ̀lé e. Èyí tí màmá rí ni àwa Yorùbá ń pè ní orí wú, bíi ti ẹni tí wọ́n ń ki.

Iṣan tín-tín kan wà nídìí irun ara wa. Bó bá fà, irun á nàró, awọ á wá rí bíi ti adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́. A kì í fúnra wa pàṣẹ fún un. Àwọn okùn ìmọ̀lára tó ń jẹ́ kí àyà já wa ló ń darí rẹ̀, àwọn náà ló ń gbé irun ológbò dìde bí ajá bá ká a mọ́.

Kí ló wá kan orin? Bí a bá ń gbọ́ orin, ọpọlọ ń méfò ibi tó máa yà sí. Ìdákẹ́jẹ́ òjijì mú kó dúró gbagidi, ohùn kan ṣoṣo sì já lù ú. Lójú tèmi, ara kọ́kọ́ gbà á bí ìdágìrì, ọpọlọ wá rí i pé kò séwu, ìdágìrì náà sì di adùn.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí orin tí a ti mọ̀ dunjú tún ń ṣe é? Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Montreal, ní Kánádà, yẹ ọpọlọ àwọn tí orin máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ wò, bí wọ́n ti ń gbọ́ orin tí àwọn fúnra wọn yàn. Dopamíìnì, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ bí nǹkan bá dùn mọ́ wa, ti ń tú jáde ní apá kan kí ibi tó dùn jù tó dé. Nígbà tó dé gan-an, ó tú jáde ní apá mìíràn. Ìrètí náà ní adùn tirẹ̀.

Màmá ní ọkọ àwọn jókòó tì wọ́n, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Mo ní kì í ṣe pé ọkàn bàbá le. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í dìde sí orin, etí wọn sì pé.

Mo ní kí wọ́n kọ orin náà fún mi. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì dé ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn tí wọ́n fi na apá sí mi. Irun ti ń dìde.