Ìyìn Kọ́ Ni Wọ́n Ń Wá Nínú Lẹ́tà Ìwáṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ ló gbà pé béèyàn bá ti yin iléeṣẹ́ dáadáa, wọ́n á mọ̀ pé ó fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Iléeṣẹ́ yín tó lókìkí káàkiri àgbáyé ti ń wù mí tipẹ́." N kò dá wọn lẹ́bi, torí ilé la ti kọ́ wa láti pọ́n ẹni tá a wá bẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n yọ orúkọ iléeṣẹ́ náà kúrò, kó o fi ti báńkì sí i. Bí gbólóhùn náà bá ṣì bá a mu, o kò tíì sọ nǹkan kan nípa wọn.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan fẹ́ bá Carter Center ṣiṣẹ́, àwọn tó ti ń léwájú nínú ogun sòbìà láti 1986. Bó bá kọ ọ́ pé "mo fẹ́ràn bẹ́ ẹ ṣe ń ran aráyé lọ́wọ́", ó parí síbẹ̀. Kó kọ́kọ́ wádìí ibi tí iṣẹ́ wọn dé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 èèyàn ni sòbìà ń mú lọ́dún. Ní 2024, èèyàn 15 péré ni. Nàìjíríà rí èyí tó kẹ́yìn ní 2008. Kò sí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan tó ṣe é: aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, àti dídá ẹni tí aràn ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dúró kó má wọ odò, wà lára ohun tó ṣe é. Èyí tó ṣẹ́ kù ló wá le, torí ajá náà ń kó o ní Ṣáàdì.

Ó wá lè kọ báyìí: "Mo rí i pé sòbìà ti ṣọ̀wọ́n, àmọ́ kò tíì tán. Níbi tí mo ti ń fún àwọn ọmọ ní àjẹsára rọpárọsẹ̀, bí àìsàn náà ṣe ń dínkù ni àwọn ìyá ń sọ pé kò sídìí láti wá mọ́. Mo mọ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀." Kò yìn wọ́n rárá. Ibi tí iṣẹ́ wọn ti le ló fọwọ́ bà, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ hàn níbẹ̀.

Bí wọ́n bá pè é wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́: "Bí abúlé kan kò bá rí sòbìà fún ọdún mélòó kan, kí lẹ ń ṣe kí wọ́n má bàa ṣíwọ́ fífi tó yín létí?" Ẹni tó kàn há ìbéèrè sórí, bí wọ́n bá ti dáhùn tán, á bọ́ sórí òmíràn láìka ìdáhùn náà sí, ibẹ̀ ni àṣírí á ti tú. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ á bi wọ́n síwájú sí i látinú ohun tí wọ́n sọ: ta ló ń mú ìròyìn náà wá, ọjọ́ mélòó ló ń gbà kí ẹnì kan tó débẹ̀?

Kì í ṣe pé ìyìn di èèwọ̀. Bó o bá fẹ́ yin nǹkan, yin ohun kan tí wọ́n ṣe, kó o sì sọ ohun tó yí padà níbi tí ojú rẹ tó o. Bí èròńgbà wọn kò bá sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn, má dibọ́n; iṣẹ́ tí wàá máa ṣe lójoojúmọ́ ni kó o sọ̀rọ̀ lé lórí.