Búréèkì wíǹṣì tó mú láàárọ̀ tí kò mú lọ́sàn-án

Ẹjọ́ kan náà ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ilé máa ń gbé wá bá àwa tí à ń tún wíǹṣì ṣe. Wọ́n á ní búréèkì mú dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán, ẹrù á máa yọ̀ wálẹ̀ bí ọ̀pìrétọ̀ tilẹ̀ gbé gbogbo ara lé ọ̀pá búréèkì. Kí wọ́n tó pè wá, wọ́n á ti fún nọ́ọ̀tì títí kò fi ní ibi tí yóò lọ mọ́, wọ́n á ti lé ọ̀pìrétọ̀ lọ, àwọn mìíràn á sì ti pa ajá sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ògún kò ní bá ẹnikẹ́ni wọn ooru dúrọ́ọ̀mù. Ooru ni ẹjọ́ náà, kò sì sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀ ju ìṣirò lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú wíǹṣì oní-dísù tó wọ́pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ó ń gbé kílò 500. Dúrọ́ọ̀mù búréèkì rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 400 láti etí dé etí, ó wúwo tó kílò 25, ọ̀já irin tí wọ́n lẹ láínìn, ìyẹn ohun tó ń di dúrọ́ọ̀mù mú, mọ́ sì yí i ká ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nígbà tí ẹrù bá wà lókè pátápátá, okùn wáyà ti dì mọ́ àgbá rẹ̀ ní ìpele lórí ìpele, ẹrù sì ń fà á láti ibi tó jìnnà sí àárín ọ̀pá àgbá ní mílímítà 180. Tọ́ọ̀kì tí ẹrù fi ń fẹ́ yí àgbá jẹ́ nǹkan bí níútìn-mítà 883. Búréèkì tó bá yẹ ní láti lè dá ìlọ́po kan àtààbọ̀ rẹ̀ dúró, ìyẹn 1,325. Lórí ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí, tí ọ̀pá búréèkì bá ń sọ agbára ọwọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, ọ̀pìrétọ̀ yóò rí 1,325 náà tó bá fi nǹkan bí kílò 20 fà á. Èèyàn lè ṣe ìyẹn láti àárọ̀ di alẹ́.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ náà sọ ẹrù kalẹ̀. Tó bá ń gbé kọnkéré lọ sókè, tó sì ń padà lófìfo, búréèkì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó àwókù tàbí páìpù sìkáfóòdì wálẹ̀, gbogbo agbára tí ẹrù ní lókè ni búréèkì máa sọ di ooru. Kílò 500 láti gíga mítà 20 jẹ́ nǹkan bí kílójúùlù 98, èyí tó tó láti fi ooru dúrọ́ọ̀mù kílò 25 yẹn ga ní nǹkan bí 8°C lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn ọ̀pìrétọ̀ kan gbà pé àwọn ń dáàbò bo láínìn tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹrù já wálẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó gbá a mú, kí wọ́n tún jẹ́ kó já. Kílójúùlù 98 náà kò dín kù rárá, nítorí gíga ibẹ̀ kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé gbogbo rẹ̀ wọlé ní ìgbà kúkúrú kúkúrú, ojú láínìn á sì gbóná kọjá ohun tí inú dúrọ́ọ̀mù lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹrù tó ń bọ̀ ní mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n dá dúró láàárín mítà kan, á fa okùn ní ìdá kan nínú márùn-ún ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Tọ́ọ̀kì 883 á di nǹkan bí 1,060. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìrìn kan náà, láìjẹ́ kó já.

8°C kò tó ẹ̀rù bà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń pọ̀ sí i. Fún dúrọ́ọ̀mù tó tóbi tó báyìí, tí afẹ́fẹ́ sì kàn án dáadáa, ìṣirò mi fi hàn pé tí ẹ bá ń sọ ẹrù kan kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ooru rẹ̀ á dúró sí bí 150°C. Láínìn tó dára á fara dà á. Tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá ń pariwo pé kí wọ́n yára, tó wá di ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, á gùn dé nǹkan bí 270°C. Kì í sì í dé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ìṣẹ́jú 45 ni yóò fi gun ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà, ó sì máa ń tó wákàtí méjì kó tó dúró. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò búréèkì tí wọ́n ṣe ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kò fi sọ nǹkankan nípa búréèkì aago kan ọ̀sán.

Kí ni ooru ń ṣe fún láínìn? Ohun tó so láínìn pọ̀ máa ń rọ̀, á sì jóná, ìdìmú rẹ̀ á wálẹ̀. Ká ní ó já láti 0.35 sí 0.25. Lórí búréèkì onídísìkì, tọ́ọ̀kì á wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, láti 1,325 sí nǹkan bí 946. Ó ṣì ju 883 lọ, ẹrù kò ní já. Ọ̀já kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀já ń fún ara rẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù bó ṣe ń yí i ká, ìdìmú sì wà nínú ìlọ́po yẹn fúnra rẹ̀. Nínú ìṣirò yìí, T1 ni ìfà etí ọ̀já tó le, T2 ni ìfà etí tí ọwọ́ ń fà, μ ni ìdìmú, θ sì ni bí ọ̀já ṣe yí dúrọ́ọ̀mù ká tó, ní rédíánì:

```
T1/T2 = e^(μθ)
μ = 0.35, θ = 4.71  ->  5.2
μ = 0.25, θ = 4.71  ->  3.25
```

Tọ́ọ̀kì ń wá láti inú ìyàtọ̀ ìfà etí méjèèjì, nítorí náà ẹ yọ 1 kúrò: 4.2 di 2.25. Kílò 20 tó fún yín ní 1,325 láàárọ̀ kò fún yín ju 709 lọ mọ́, ẹrù sì ń béèrè 883. Ọ̀pìrétọ̀ tí ẹ lé lọ kò ṣẹ̀ yín. Ìdìmú wálẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta dín díẹ̀, agbára ọ̀já sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Èyí kò wá sọ pé onídísìkì kò ní àléébù. Dísìkì irin tó fẹ̀ tó mílímítà 400 tó sì nípọn tó bíi mílímítà 12 kò tó kílò 13, nítorí náà ẹrù kan náà á fi ooru rẹ̀ ga ní bíi 16°C. Ó ń yára gbóná, ó sì ń yára tutù nítorí ojú rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀. Èyí tí sípíríńgì ń tẹ̀ ní àrùn mìíràn: bí páàdì bá ṣe ń jẹ, sípíríńgì á máa nà, agbára tó fi ń tẹ̀ á máa dín kù. Ẹ wọn àlàfo páàdì bí olùṣe ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀tàn tí wọ́n ń tà fún yín ni mo fẹ́ sọ wàyí. Ẹni tó ní kí ẹ da iyanrìn tàbí sìmẹ́ǹtì sínú ọ̀já fẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù yín jẹ ni. Ẹni tó gé táyà àlòkù lẹ̀ mọ́ ọ̀já dípò láínìn kò mọ̀ pé rọ́bà á yọ́ kí ooru tó dé ibi tí láínìn gidi á ti bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Omi tí ẹ ń dà sórí dúrọ́ọ̀mù tó gbóná máa ń mú kó sán, láínìn tí omi ti rin kì í sì í mú. Nọ́ọ̀tì tí ẹ fún láàárọ̀ títí àlàfo fi tán ló burú jù, nítorí dúrọ́ọ̀mù ń fẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Ọ̀já á máa ha á kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń gbé ẹrù lọ sókè, á sì tún máa gbóná sí i. Nígbà tó bá tutù, tí ẹ sì tú ọ̀pá sílẹ̀, kí àlàfo bíi mílímítà kan wà yí ká.

Kí ẹ tó gba ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni tún okùn rẹ̀ wé, ẹ wo ibi tí okùn ti wọ àgbá. Bí ó bá wọ̀ láti ìsàlẹ̀ dípò òkè, àgbá á máa yí sódì nígbà tí ẹrù bá ń bọ̀, etí tí ọwọ́ ń fà á sì di etí tó le. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára búréèkì ló máa ṣẹ́kù.

Ẹ ra ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ooru ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí èèyàn nígbà Kòrónà kò lè ka ohun tó gbóná tó báyìí. Irin tó ń dán máa ń tan ìbọn náà jẹ, á kà á sí pé ó tutù ju bó ṣe wà lọ. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀dà dúdú tó ń fara da ooru kun ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù níbi tí ọ̀já kò kàn, kí ẹ sì nà án síbẹ̀. Tó bá ti kọjá 200°C, ẹ dá ẹrù sísọ̀ dúró, kí ẹ jẹ́ kí àgbá máa yí lófìfo kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ. Òórùn láínìn tó ń jó àti ojú láínìn tó ń dán bíi gíláàsì sọ fún yín pé ẹ ti pẹ́. Lẹ́yìn wákàtí méjì iṣẹ́, ẹ gbé ẹrù kíkún kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ wò ó bóyá búréèkì tó gbóná lè gbé e dúró.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ kì í ṣe èyí tó ń yọ̀ nígbà iṣẹ́, nítorí ọ̀pìrétọ̀ á rí i. Aago oúnjẹ ọ̀sán ni. Dúrọ́ọ̀mù gbóná, ẹrù ṣì wà lókè, ọ̀pìrétọ̀ fi ìkọ́ há ọ̀pá búréèkì, ó lọ jẹun. Dúrọ́ọ̀mù mílímítà 400 tí ooru rẹ̀ bá wálẹ̀ ní 200°C á sún kì ní nǹkan bí mílímítà 0.9 láti etí dé etí. Ní gígùn ibi tí ọ̀já yí ká, ìyẹn jẹ́ mílímítà 2, ọ̀pá búréèkì sì ní láti rìn tó mílímítà 16 sí i kó tó fún un padà. Ìkọ́ kò jẹ́ kí ọ̀pá rìn. Ọ̀já á dẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹrù á sì já lu àwọn tó jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀.

Nítorí náà, ẹrù gbọ́dọ̀ balẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kúrò nídìí ẹ̀rọ. Bí kò bá ṣeé sọ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí èékánná irin há eyín àgbá, kí ẹ sì rọra dẹ búréèkì díẹ̀ títí okùn yóò fi fà mọ́ èékánná náà. Tí èékánná bá gbé gbogbo ìwúwo ẹrù tí àgbá kò sì yí mọ́, ẹ wá fún búréèkì padà, kí ẹni kan sì dúró tì í.