Ọ̀kùn kì í bunijẹ, ṣùgbọ́n irun kòkòrò tó ti kú ṣì ń tani

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ọ̀kùn kan wọ balùwẹ̀, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Ẹnìkan á sáré gbé iyọ̀, ẹlòmíì á gbé kẹrosíìnì, wọ́n á ní oró rẹ̀ ju ti àkeekèé lọ, wọ́n á tún ní bó bá wọ etí ọmọdé, inú ọpọlọ ló ń lọ tààrà. Nínú ilé yìí kan náà, bí kòkòrò onírun bá bọ́ sórí aṣọ tí wọ́n sá síta, ìka ni wọ́n máa fi ta á dànù. Wọ́n á ká aṣọ wọlé, wọ́n á wọ̀ ọ́ fọ́mọ. Ibi tí ewu wà gan-an ni wọn ò bẹ̀rù, ó sì ń dùn mí, torí àwọn ọmọ kéékèèké ló ń jìyà rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọ̀kùn láre. Èyí tí mò ń sọ ni ọ̀kùn tí ara rẹ̀ rí roboto, tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó máa ń ká jọ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Kò ní eyín tó lè bu ènìyàn jẹ, kò sì ní ohunkóhun tó fi ń gún oró síni lára. Ewé tó ti jẹrà àti igi tó ti rà ni oúnjẹ rẹ̀. Òjò tó kún ibùgbé rẹ̀ nínú ilẹ̀ ló lé e jáde, tó fi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ara rẹ̀ kì í sì í pa omi mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń bá a lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó ti ká gbagidi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ti kú. Ilẹ̀ gbígbẹ inú ilé yín ló pa á. Ní ti etí, òótọ́ ni pé kòkòrò lè wọ etí ẹni tó sùn, aáyán ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n awọ ìlù etí ló dí ọ̀nà níbẹ̀. Kò sí ojú ọ̀nà tí kòkòrò lè gbà látinú etí dé ọpọlọ.

Yàtọ̀ sí kíká tó máa ń ká jọ, ohun tí ọ̀kùn fi ń gbèjà ara rẹ̀ ni omi kan tó ń sun jáde láti ihò wínníwínní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Omi náà ń rùn, ó máa ń pọ́n díẹ̀, ó sì ń ta ara bíi kẹ́míkà. Ìgbà tí ìyà bá dé bá ọ̀kùn ló ń tú u jáde, ìyẹn ni pé iyọ̀ àti kẹrosíìnì tí ẹ ń dà sí i gan-an ló ń mú un tú ohun tí ẹ ń sá fún síta.

Ibi tí omi yìí ti ń dẹ́rù bani jù ni inú bàtà. Ká ní ọmọ kan ti ẹsẹ̀ bọ bàtà iléèwé láàárọ̀, ọ̀kùn sì ti wọ ibi orí bàtà sùn. Ọmọ náà á tẹ̀ ẹ́ fọ́, ìbọ̀sẹ̀ á fa omi rẹ̀ mu, omi náà á sì wà lára ọmọ títí di ọ̀sán. Nígbà tó bá fi máa bọ́ bàtà, ìka ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti di àwọ̀ igi, bó bá sì máa fi di ọjọ́ kejì, ó lè dúdú bí ẹran ara tó ti kú. Àwọn dókítà gan-an ti ṣi irú ẹ̀ mú rí, wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ mọ́. Ẹ fọwọ́ kan ìka náà: ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi ti ẹsẹ̀ kejì. Ẹ ní kí ọmọ mì í: ó ń mì. Ẹ tẹ orí èékánná kó funfun, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀: ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo inú ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà, ẹ máa bá èépá ọ̀kùn níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àbàwọ́n ni. Ọṣẹ àti omi púpọ̀ ni ẹ máa fi fọ̀ ọ́, bí ẹ bá sì tètè fọ̀ ọ́, ara ò ní jó o púpọ̀. Àwọ̀ yẹn lè pẹ́ lára fún oṣù mélòó kan, kò sí ohun tí ẹ máa fi ha á kúrò. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá rí èépá ọ̀kùn, tí ẹsẹ̀ ń wú, tàbí tí ẹ rí ojú ihò lára, ẹ má ṣe dúró ronú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé ọmọ lọ, torí ó lè jẹ́ ejò.

Ẹni tó ba orúkọ ọ̀kùn jẹ́ ni ìkejì rẹ̀ tó pẹlẹbẹ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ọ̀kùn bákan náà. Ìyàtọ̀ wọn ò le. Ọ̀kùn roboto ní ẹsẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin lábẹ́ oríkèé ara rẹ̀, àfi díẹ̀ níwájú, ẹsẹ̀ náà kúrú, ó sì fara pamọ́. Èyí tó pẹlẹbẹ ní méjì péré lábẹ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó gùn, ó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, eré ló sì ń sá. Kì í ká jọ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ẹran ló ń jẹ: aáyán, aláǹtakùn, àní ọmọ eku. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó wà lábẹ́ orí, ti di ìwọ̀ méjì tó ní oró nínú, òun ló sì fi ń bunijẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá gùn débi pé ó dà bí orí kejì, ibẹ̀ lẹlòmíì ti ń ṣìnà tó fi dì í mú níbi tí kò yẹ.

Bó bá bunijẹ, ó dùn wọra, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á sì wú fún wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan sí méjì. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kó pààyàn. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ wá ti ibẹ̀ bọ omi tó gbóná níwọ̀n tí ara lè gbà fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ tí kò dùn ni kí ẹ fi tọ́ omi náà wò o, torí ọwọ́ tó ń dùn lè má mọ̀ pé omi ń bó o. Parasitamọ́ọ̀lù tó fún ìrora. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń wú, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tó ń dákú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi abẹ sín ojú ibẹ̀, ẹ má sì fẹnu fà á.

Kòkòrò onírun wá ni ọ̀rọ̀ mi gan-an, torí òun ni àwọn ènìyàn ò mọ bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n rò pé ó ń ta ni bí agbọ́n ṣe ń ta, pé tí wọ́n bá ti pa á, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí ara wọn tutù yọ̀, tí wọ́n ní ẹ̀gún gàgàrà lẹ́yìn, tí a máa ń rí lórí imọ̀ ọ̀pẹ àti àgbọn. Bí ẹ bá fara kan ìyẹn, lójú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀, torí oró wà nínú ẹ̀gún náà. Àmọ́ àwọn mìíràn ní irun wínníwínní tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, tó ń já kúrò lára wọn, tó ní ṣóńṣó, tó sì ń rọ́ sínú awọ ara. Irun yẹn kò nílò kí kòkòrò wà láàyè. Ó wà lára èyí tó ti kú, ó wà lára awọ tó bọ́ sílẹ̀, ó wà nínú ilé òwú tó hun sára igi. Àwọn kòkòrò tí ilé òwú wọn ń di fọ́nrán sányán tí a fi ń hun aṣọ iyì wa náà ní irun bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ lásán tú ilé wọn mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ aládùúgbò mi kan wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn lábẹ́ igi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń họra bí ẹni tí yèrèpè bà. Ìyá rẹ̀ rò pé ilẹ̀ gbígbóná ni, ó fi òróró para fún un, ó sì fọwọ́ ra á dáadáa. Ó wá burú sí i, torí ọwọ́ tó ń ra á ń tẹ irun náà wọlé, ó sì ń tàn án ká. Nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lábẹ́ iná, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ara náà sú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, ní àyà àti léjìká, ó sì dúró gẹ́lẹ́ níbi tí etí síńgílẹ́ẹ̀tì dé. Kò sí ẹyọ kan ní apá tàbí ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù nínú yàrá náà ò họra. Àìsàn tó ń ti inú wá kì í mọ ibi tí etí aṣọ pin sí.

Sẹ́lótéèpù ló yanjú rẹ̀. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó sú, kí ẹ fà á kúrò, kí ẹ sọ ọ́ nù. Tuntun ni ẹ máa lò nígbà kejì, àti nígbà kẹta, torí èyí tí ẹ ti lò ti kún fún irun. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ṣíṣàn àti ọṣẹ, láìfi kànìnkànìn ha á, kí ẹ jẹ́ kí ara gbẹ fúnra rẹ̀ láìfi táwẹ̀lì nù ún. Omi tútù àti kalamáìnì ń mú kó rọlẹ̀, oògùn ara yíyún tí apòògùn bá wọn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ọmọ náà á jẹ́ kó sùn. Ó lè máa yún un fún ọjọ́ mélòó kan síbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe pé ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́.

Ojú nìkan ni ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí irun yìí bá wọ ojú, ó lè máa rìn wọ inú ẹyinjú lọ, kó sì máa dà á láàmú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ da omi mímọ́ sí i, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú kó má baà fi ra ojú, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí dókítà ojú wà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kódà bó bá ní òun ti rí bí òun ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá rí kòkòrò náà nínú ilé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sun ún níná, torí afẹ́fẹ́ á gbé irun rẹ̀ káàkiri yàrá. Ẹ fi igi tì í sínú agolo, kí ẹ fi àkísà tútù nu ibi tó gbà kọjá, kí ẹ sì ju àkísà náà nù. Aṣọ tó bà lé, ẹ gbọ̀n ọ́n síta lọ́nà jíjìn sí ojú, ẹ rẹ ẹ́ lọ́tọ̀, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán. Áyọ́ọ̀nù kò lè yọ irun kúrò nínú aṣọ. Lásìkò òjò, tí kòkòrò bá ti pọ̀ lórí igi inú àgbàlá, ẹ ta okùn aṣọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yí aṣọ ọmọdé padà wò nínú kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún wọn.