Ìyá kan ṣoṣo, ìlà méjì

Lóṣù yìí nìkan, ènìyàn mẹ́ta ló ti gbé dátábéèsì wá bá mi pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: orúkọ ń di méjì méjì. Gbogbo wọn ló sì búra pé àwọn máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn tó kọ nǹkan sílẹ̀. Yíyẹ̀wò yẹn gan-an ló ń dá wọn lóró.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan pè mí láìpẹ́ yìí. Akọ̀wé méjì ló ń gbowó lọ́jọ́ Sátidé, kọ̀ǹpútà kálukú wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó kọ ètò náà fún wọn ní kó kọ́kọ́ fi SELECT wá nọ́ńbà fóònù. Bó bá rí i, kó fi UPDATE tún ìlà àtijọ́ ṣe. Bí kò bá rí i, kó fi INSERT kọ tuntun. Létí, ó dùn. Ṣùgbọ́n ìyá kan dúró níwájú akọ̀wé kìíní, ó ń forúkọ sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ akọ̀wé kejì, ó ń sanwó fún un pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Kọ̀ǹpútà kìíní wò, kò rí nǹkan. Èkejì wò, òun náà kò rí nǹkan, torí pé ti àkọ́kọ́ kò tíì kọ tirẹ̀ tán. Ni àwọn méjèèjì bá kọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni owó ìyá yìí ti ń pín sọ́nà méjì: ₦60,000 wà lórí ìlà kan, ₦30,000 wà lórí èkejì. Ìlọ́po méjì ohun tí èèyàn ní nílẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà fi ń yáni lówó. ₦180,000 ló tọ́ sí i, ₦120,000 ni wọ́n kà fún un, wọ́n tún ní bóyá ó gbàgbé ni pé òun kò san oṣù mélòó kan.

Láti ẹ̀dà 9.5 ti dátábéèsì PostgreSQL, tó jáde ní 2016, ni a ti ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ yìí:

```sql
INSERT INTO omo_egbe (foonu, oruko, adiresi)
VALUES ('08000000001', 'Bolanle', 'Mokola')
ON CONFLICT (foonu) DO UPDATE
SET adiresi = EXCLUDED.adiresi;
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: kọ ìlà yìí, bí nọ́ńbà náà bá ti wà níbẹ̀, tún àdírẹ́sì ẹni tó ni ín ṣe. EXCLUDED ni ìlà tuntun tó fẹ́ wọlé tí àyè kò gbà á. Kò sí àlàfo kankan láàárín wíwò àti kíkọ tí akọ̀wé kejì lè gbà wọlé. Ẹni tó bá dé kejì yóò dúró kí ti àkọ́kọ́ parí, yóò wá rí i pé nọ́ńbà ti wà, yóò sì tún ìlà kan ṣoṣo yẹn ṣe.

Ibi tí inú mi ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Àwọn èèyàn á da gbólóhùn yìí kọ, PostgreSQL á wá dá wọn lóhùn pé `there is no unique or exclusion constraint matching the ON CONFLICT specification`, wọ́n á sì yọ ìlà ON CONFLICT kúrò kí ariwo lè dákẹ́! Ohun tó ń sọ fún yín ni pé ẹ kò tíì sọ fún òun pé nọ́ńbà fóònù kò gbọdọ̀ jẹ́ méjì. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìjà tí ẹ kò sọ pé ìjà ni?

```sql
ALTER TABLE omo_egbe ADD UNIQUE (foonu);
```

UNIQUE yìí ni onílé, ON CONFLICT kàn jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí ìlà méjì bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní gbà yín láàyè láti fi í lé e, yóò sì dárúkọ nọ́ńbà kan tó di méjì fún yín. Ẹ kó owó àwọn ìlà náà pọ̀ sórí ẹyọ kan, kí ẹ tó pa èkejì rẹ́. Àwọn kan wà nínú iṣẹ́ wa tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn láti kọ ètò tí yóò máa pa ìlà kejì rẹ́ ní gbogbo òru. Èyí tó ní ₦60,000 ni yóò pa ni, àbí èyí tó ní ₦30,000? Wọn kì í bi ara wọn. Agbèrò ni wọ́n, wọn kì í ṣe awakọ̀.

Ojú ni UNIQUE fi ń wo ọ̀rọ̀, kò mọ èèyàn. 08000000001, +2348000000001 àti 8000000001 jẹ́ ẹni mẹ́ta lójú rẹ̀. Ti ìkẹyìn yẹn, Excel ló ń jẹ òdo iwájú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí fáìlì. Ẹ sọ gbogbo nọ́ńbà di oríṣi ìkọsílẹ̀ kan kí ó tó dé ẹnu INSERT. Ìyá àgbà tí kò ní fóònù ńkọ́? Bí àyè fóònù bá jẹ́ NULL, ìyẹn òfìfo, PostgreSQL kì í ka NULL méjì sí ohun kan náà, nítorí náà ìlà tuntun ni yóò máa kọ fún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. PostgreSQL 15 ní NULLS NOT DISTINCT tó ń ka wọ́n sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lò ó níbí, gbogbo aláìní fóònù yóò di ẹni kan ṣoṣo. Mo gbé UNIQUE ẹgbẹ́ yẹn kúrò lórí fóònù, mo fi í sórí nọ́ńbà káàdì ọmọ ẹgbẹ́, mo sì yí ohun tó wà nínú ON CONFLICT padà bá a.

MERGE ni wọ́n tún máa ń bi mí. Ó wọ PostgreSQL ní 2022, ẹnìkan sì ti sọ fún wọn pé òun ló dé kẹ́yìn, òun ló dára jù. Irọ́ ni. Ó dára fún fáìlì ìparí oṣù tí ẹ̀yin nìkan ń kó wọlé lóru, torí ó lè kọ, ó lè túnṣe, ó lè paarẹ́ nínú gbólóhùn kan. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé méjì bá lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì ṣì lè rò pé ìlà kò sí. Bí UNIQUE bá wà, ọ̀kan yóò pariwo àṣìṣe; bí kò bá sí, ẹ ti padà sí ìlà méjì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni REPLACE ti MySQL, dátábéèsì mìíràn. Ẹgbẹ́ mìíràn lò ó torí pé ó kúrú. REPLACE kì í tún ìlà ṣe: ó ń pa ti àtijọ́ rẹ́, ó sì ń kọ tuntun. Tábìlì owó ìfowópamọ́ wọn so mọ́ tábìlì ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú ON DELETE CASCADE, nítorí náà bí ìlà ọmọ ẹgbẹ́ bá ti kú, àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ ń bá a lọ. Akọ̀wé tún àdírẹ́sì èèyàn ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ojú kọ̀ǹpútà ń sọ `2 rows affected` fún àdírẹ́sì ẹnì kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tí èkejì ti wá. INSERT ... ON DUPLICATE KEY UPDATE ló yẹ kí wọ́n lò. Òun náà lè sọ pé méjì, ṣùgbọ́n kì í pa ìlà rẹ́. Ẹ̀dà ìpamọ́ wọn ti pé oṣù mẹ́ta. Inú ìwé ìfowópamọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ la ti padà kọ ìyókù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan mú tirẹ̀ wá, òjò ti pa á, yíǹkì ti ṣàn. A gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, a kò rí ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kà nínú rẹ̀.