Eélòó ni kí ọ̀ta ayò fi sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ní Kétu máa ń pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ láyò ní ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú mẹ́wàá, wọ́n sì ń ta á lówó: iye tí oníkálukú bá fi sílẹ̀ dọ́gba, ẹni tó bá pa ẹnì kejì ló kó o. 100,000 sẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrè wà níbẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n eélòó ni kó máa fi sílẹ̀?

Ẹni tó bá wo àròpín èrè nìkan á ní kó kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá pa á lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán.

Ká ní ìdá kan nínú márùn-ún owó ọwọ́ rẹ̀ ló ń fi sílẹ̀. 20,000 ni àkọ́kọ́. Bó bá jẹ, 24,000 ló kàn. Bí wọ́n bá pa á, 16,000. Lẹ́yìn ayò mẹ́wàá tó jẹ mẹ́fà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ á di 122,306, bó ti wù kí jíjẹ àti pípa tò tẹ̀ léra. Bó bá ń fi ìdá méjì nínú márùn-ún sílẹ̀, tó sì jẹ mẹ́fà kan náà, 97,583 ló máa kù. Ó ń borí, owó rẹ̀ sì ń dín! Ohun tó fà á ni pé bí 40,000 bá lọ nínú 100,000, ìdá kan náà tó bá jẹ lórí 60,000 tó kù kò lè gbé e ju 84,000 lọ.

Ìsọdipúpọ̀ ni irú owó yìí fi ń dàgbà. Lọ́gárídímù a máa sọ ìsọdipúpọ̀ di àròpọ̀, nítorí náà ìdá tó bá gbé àròpín lọ́gárídímù owó ga jù lọ la ń wá. John Kelly ló gbé e jáde ní 1956, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà:

```
f = p - q/b
```

f ni ìdá owó ọwọ́ ẹni tó yẹ kó fi sílẹ̀, p ni ìṣeéṣe pé yóò jẹ, q ni ìṣeéṣe pé wọ́n á pa á, b ni èrè lórí sẹ́fà kọ̀ọ̀kan tí a fi sílẹ̀. Fún ọ̀ta wa, 0.6 − 0.4/1 = 0.2. Bí f bá kéré sí òdo, bó ṣe máa ń rí fún lọ́tìrì, má fi kọ́bọ̀ sílẹ̀.

Ibi tó ti ń gún èèyàn lọ́wọ́ ni p. Ta ló sọ pé mẹ́fà ni? Ogún ayò tí wọ́n ti ta kò tó láti fi ya 60 sọ́tọ̀ kúrò lára 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ 55 ni òótọ́, ìdá tó yẹ ni 0.1, ẹni tó ń fi 0.2 sílẹ̀ ti fi ìlọ́po méjì sílẹ̀, owó rẹ̀ ò sì ní dàgbà rárá. Ìdí nìyí tí èmi fi máa ń ní kí wọ́n fi ìdajì ohun tí ìṣirò bá sọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́fà ni lóòótọ́, 116,232 ló máa ní lẹ́yìn ayò mẹ́wàá dípò 122,306, ìfàsẹ́yìn tó máa rí láàárín kò sì ní jìn tó ti ìdá 0.2.