Tẹ́ ẹ bá ti ń lé owó tẹ́tẹ́ tó lọ: ìdánwò tẹ́ ẹ lè ṣe fúnra yín ní kọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ló gbà pé iye owó tó lọ la fi ń mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ti di àìsàn, pé ẹni tí ò bá tíì ta ilẹ̀ tàbí ọkadà rẹ̀, fàájì ló ṣì ń fi ṣe. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí èèyàn bá jókòó síwájú mi kì í ṣe "èló lẹ pàdánù?" ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè, ohun tí mo máa ń béèrè ni "nígbà tówó yẹn lọ tán, kí lẹ ṣe tẹ̀ lé e?" Ẹni tó bá ní inú bí òun, òun pa fóònù tì, òun lọ wá iyán jẹ, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ṣì rọrùn. Ẹni tó bá ní òun tún fowó sí i kóun lè gba ti àkọ́kọ́ padà, àwa pẹ̀lú ẹ̀ máa jókòó sọ̀rọ̀ dáadáa. Lílé owó la ń pe ìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dunjú ju gbogbo àmì yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi káfíńtà kan ní Ìkẹ́rẹ́ ṣàlàyé, mo ti po ìtàn èèyàn mélòó kan pọ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Oníbàárà kan fún un ní ₦120,000 kó fi ra pákó àti fọ́ọ̀mù fún àga. Lọ́jọ́ Sátidé ó fi ₦2,000 ta bọ́ọ̀lù mẹ́jọ pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, owó ara rẹ̀ nìyẹn, kò sí wàhálà. Méje wọlé. Ẹyọ kan ló gé tíkẹ́ẹ̀tì, gòólù tí wọ́n jẹ nígbà tí bọ́ọ̀lù ti fẹ́ parí. Tó bá jẹ́ pé mẹ́rin ló gé e ni, ì bá ti lọ sùn, àmọ́ ẹyọ kan yẹn ló ń jó o nínú, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́, ó wá fi ₦5,000 sí bọ́ọ̀lù alẹ́. Ó lọ. Ó fi ₦10,000. Ó lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù gidi tán ó bọ́ sórí fíṣúà, bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà tí eré kan ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ₦20,000 lọ síbẹ̀, àárọ̀ Sọ́ńdè kó tó múra ṣọ́ọ̀ṣì ₦40,000 mìíràn tún tẹ̀ lé e. Ẹ rò ó pọ̀, ₦77,000 ni, owó pákó sì ti wọ inú ẹ̀ láti ìgbà tó ti fi ₦10,000.

Ẹ wo bí owó yẹn ṣe ń ga. Kì í ṣe pé ojúkòkòrò ló mú un. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ta òmíràn, iye tó ti lọ ló ń wò, ó sì ń wá iye tó máa bo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí náà bí gbèsè ṣe ń pọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ń wúwo. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Lọ́kàn rẹ̀ owó yẹn ò tíì lọ, ó kàn wà lọ́wọ́ ilé tẹ́tẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, ọjọ́ tó bá fi dáwọ́ dúró ló máa tó gbà pé ó ti lọ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí dídáwọ́ dúró fi ń dun èèyàn ju kó máa bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ "mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́" yẹn náà, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní gbogbo bọ́ọ̀lù mẹ́jọ tó mú yẹn dájú débi pé tí wọ́n bá gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó máa wọlé lẹ́ẹ̀méje. Ìyẹn dájú gan-an lójú ẹni. Àmọ́ kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wọlé pọ̀, nínú irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ 100, bíi 6 péré ló máa jẹ. Bí ẹyọ kan bá gé e tàbí mẹ́fà, kọ́bọ̀ ni wọn ò ní san, tíkẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ ò sì mọ̀ pé èyí tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ. Ọpọlọ wa ni ò gba èyí, ara a máa gbóná bíi pé èèyàn jẹ ẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, oníbàárà pè. Káfíńtà wa ní àwọn ará sọ́míìlì ò tíì gbé pákó dé láti oko. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, irọ́ ni àmì kejì tí mò ń wá. Ẹni tó bá ń ta á fún fàájì lè dákẹ́ o, kò sẹ́ni tó ń ròyìn gbogbo ₦500 tó ná, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ń purọ́ fún ìyàwó, ọkọ, olórí àjọ tàbí oníbàárà nípa ibi tówó wà, tàbí tẹ́ ẹ ń pa álátì rẹ́ kí wọ́n má baà rí i, nǹkan ti yí padà.

Ó dáa, ìdánwò wá kù. Apá méjì ni, ibi tí kò sẹ́ni tó máa yọjú wò yín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, bébà lásán ti tó, ẹ má kọ orúkọ sí i, tẹ́ ẹ bá ṣe tán kẹ́ ẹ ya á.

Apá kìíní, owó. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì báńkì oṣù mẹ́ta tàbí kẹ́ ẹ yẹ álátì wò sẹ́yìn. Ẹ ya bébà sí méjì: apá kan fún gbogbo owó tó kúrò ní báńkì lọ sí ilé tẹ́tẹ́, apá kejì fún owó tó ti ibẹ̀ padà wọ báńkì. Owó tẹ́ ẹ jẹ tẹ́ ẹ sì tún fi ta níbẹ̀, ẹ má kà á, kò dé ọwọ́ yín rí. Bónọ́sì náà, ẹ má kà á. Tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù lẹ ti ń ta á pẹ̀lú owó ọwọ́, ẹ máa kọ gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti òní fún oṣù kan. Kẹ́ ẹ tó rò ó pọ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ iye tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti pàdánù sí òkè bébà, ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Káfíńtà wa kọ ₦30,000, torí ó rántí ₦45,000 tó jẹ lẹ́ẹ̀kan dáadáa, àwọn ₦1,000, ₦1,500 tó ń lọ lóròòru ò sì sí lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó rò ó, ₦214,000 ló jáde, ₦61,500 ló padà wọlé. ₦152,500 ló lọ. Ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní kí n bá òun tún un rò. Ẹ wo aago orí álátì náà, èyí tó bá wọlé láàárín agogo méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí, kì í ṣe fàájì mọ́.

Apá kejì, ìbéèrè mẹ́sàn-án. Kì í ṣe èmi ló dá wọn sílẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Kánádà ló gbé wọn jáde lọ́dún 2001, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ń lò wọ́n, mo kàn tú wọn sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Oṣù 12 tó kọjá ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. Tí kò bá ṣẹlẹ̀ rí, ẹ kọ 0. Tó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 1. Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ ìgbà, 2. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà, 3.

Ṣé ẹ ti fi owó tó jẹ́ pé tó bá lọ ó máa dà yín láàmú ta tẹ́tẹ́? Ṣé ó ti di pé owó tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ fi sí i kára yín tó yá gágá? Lẹ́yìn tẹ́ ẹ pàdánù, ṣé ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn láti gba owó yẹn padà? Ṣé ẹ yáwó, tàbí ẹ ta nǹkan, kẹ́ ẹ lè rówó ta á? Ṣé ó ti ṣe yín bíi pé tẹ́tẹ́ yín ti fẹ́ di wàhálà? Ṣé ó ti kó bá ìlera yín, títí kan àìrórunsùn, àyà jíjá, ìdààmú ọkàn? Ṣé àwọn èèyàn ti bá yín wí nípa ẹ̀, bóyá ẹ gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ tàbí ẹ ò gbà? Ṣé ó ti fa ìṣòro owó fún ẹ̀yin tàbí ará ilé yín? Ṣé ọkàn yín ti dá yín lẹ́bi nípa bẹ́ ẹ ṣe ń ta á tàbí ohun tó ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?

Ẹ rò ó pọ̀. Tó bá jẹ́ 0, kò sí ìṣòro tí ìdánwò yìí rí. 1 tàbí 2, ewu kékeré. 3 sí 7, ewu ti ń súnmọ́ tòsí, ìgbà tó rọrùn jù láti yà kúrò sì nìyẹn. 8 sókè títí dé 27, tẹ́tẹ́ ti ń darí yín, ẹ wá bá wa. Ti káfíńtà wa: owó tó máa dà á láàmú 3, owó tó ń pọ̀ sí i 2, pípadà lọ gba owó 3, yíyáwó 1, ríronú pé wàhálà ni 1, ìlera 2, ìbáwí 1, owó ilé 2, ìdálẹ́bi 3. 18 ni. Ẹ wò ó pé ìbéèrè karùn-ún, èyí tó bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ rí ìṣòro, 1 péré ló fún un, ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ojú ẹni kì í tètè rí i. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ fi bébà owó ṣáájú, báńkì ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàwáwí.

Ìdánwò yìí ò lè dá yín lẹ́jọ́ pé àìsàn ni o, dókítà ló máa sọ ìyẹn lẹ́yìn tó bá bá yín sọ̀rọ̀. Nǹkan mìíràn sì lè wà nídìí ẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àìsàn Pákínsìn, tó lè mú kí àgbàlagbà tí ò ta tẹ́tẹ́ rí láyé bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lójijì. Tí bàbá yín bá bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà tó kọ oògùn náà, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Tí nọ́ńbà yín bá wà láàárín 3 sí 7, ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n jẹ́ kí àyè wà láàárín ọwọ́ wọn àti owó: ẹ yọ káàdì báńkì kúrò lórí ápù tẹ́tẹ́, ẹ wọ inú sẹ́tíńgì kẹ́ ẹ fi gbèdéke sí iye tẹ́ ẹ lè fi sí i, tí ápù yín bá fún yín láǹfààní àtiti ara yín mọ́ta ẹ tì í, owó iṣẹ́ oníbàárà ẹ jẹ́ kó máa lọ sí àkáǹtì ẹni tó ń ta ọjà gan-an. Fíṣúà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, torí kì í fún èèyàn láyè láti mí. Tó bá jẹ́ 8 sókè, ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì ni kẹ́ ẹ lọ, níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì ẹ kàn sọ pé dókítà ìlera ọpọlọ lẹ fẹ́ rí, ẹ ò ní láti ṣàlàyé tẹ́tẹ́ fún ẹni tó wà nídìí káàdì. Tó bá ti ń ṣe yín bíi pé ikú sàn ju gbèsè lọ, ẹ má dúró dọjọ́ àpọ́íńtìmẹ́ǹtì, ẹ pe ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán báyìí, kó mú yín lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lálẹ́ yẹn.

Ẹ̀yin ará ilé náà, mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a san gbèsè ẹ má kó owó lé e lọ́wọ́. Ìyàwó káfíńtà wa gba àjọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé owó dé sọ́míìlì, ó ra pákó, wọ́n sì já a sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ kan àga, oníbàárà gbé e. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wá kún bébà ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn lọ́dọ̀ wa báyìí, èyí tó kún kẹ́yìn jẹ́ 6, ó sì mú sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ dání wá.